Báípáàsì ọdún 2021: ẹ̀jẹ̀ kò tó, ẹsẹ̀ ń kú, irun ń re. Àyẹ̀wò wo ló yẹ ká béèrè?

Kẹ́hìndé_Òré

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ béèrè fún. Ẹni ọdún 39 ni, Lọ́ńdọ̀nù níbí ló ń gbé, ṣùgbọ́n Tọ́kì ló ti lọ ṣe báípáàsì, iṣẹ́ abẹ àpòlúkù tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù, lọ́dún 2021. Kílò 121 ló wọ̀n nígbà náà, 74 ló wọ̀n báyìí, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.65. Ìwọ̀n yẹn ò yẹ̀ láti ọdún méjì, kì í ṣe pé ó tún ń sanra.

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló ti ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Irun ń re. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun méjèèjì ń ṣe òun bí ẹni tó ń tẹ òwú. Lẹ́ẹ̀mejì ló sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ní bálùwẹ̀, nígbà tó dijú láti fi ọṣẹ fọ ojú. Èsì àyẹ̀wò rẹ̀ rèé bó ṣe wà lórí fóònù:

```
Hb          98 g/L
MCV         86 fL
RDW         18.4 %
Neutrophils 1.2
Ferritin    9 ug/L
B12         212 ng/L
Folate      >20 ug/L
Vitamin D   31 nmol/L
Calcium     2.22 mmol/L
Albumin     36 g/L
```

Dókítà àdúgbò ní B12 wà láàyè rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kéré. Ó kọ oògùn irin 200 mg àti fólíìkì ásíìdì 5 mg fún un. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò dá ìmeèlì padà mọ́.

Ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀: fítámì jẹlí alájẹmọ́lẹ́nu kan lóòjọ́, kálísíọ̀mù hóró méjì láàárọ̀ pẹ̀lú tíì, síǹkì 50 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ àti bayotíìnì 10,000 µg nítorí irun. Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ fólíìkì yẹn? Kí ló kù tí a ò tíì yẹ̀ wò?

---

Gbénró

Kò sí wàhálà níbẹ̀ rárá. 212 wà láàárín ibi tí láàbù fi ààlà sí, ẹ̀yin náà rí i. Kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fólíìkì rẹ̀, kó máa jẹ ṣọkọ àti ẹ̀fọ́ ugú dáadáa. Irun máa ń re fún gbogbo ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, á hù padà. Àlíbúmíìnì 36 pàápàá ti fi hàn pé purotéènì tó lára rẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Bọ̀ọ̀dá Gbénró, ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́ kí èyí kọjá bẹ́ẹ̀.

Kẹ́hìndé, ẹ sọ fún àbúrò yín kó má tíì fọwọ́ kan fólíìkì yẹn. Oògùn irin kò léwu, kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n fólíìkì àti B12 ló jọ ń bá mùdùnmúdùn egungun ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí B12 bá kéré tí a sì da fólíìkì lé e, ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, kí gbogbo èèyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, nígbà tó jẹ́ pé iṣan ara tó ń fẹ́ B12 kò rí nǹkan kan gbà. Ìbàjẹ́ rẹ̀ á máa lọ lábẹ́lẹ̀. Fólíétì rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá 20 kí wọ́n tó kọ oògùn. Kí ni a tún ń bù kún un sí? Lẹ́yìn báípáàsì, fólíétì tó ga tó báyìí máa ń jẹ́ ti inú fítámì tàbí kó jẹ́ pé bakitéríà ti pọ̀ jù nínú ìfun kékeré, tí àwọn fúnra wọn sì ń ṣe fólíétì.

Ti 212 yẹn: ìlànà NICE tó jáde lọ́dún 2024 lórí B12 sọ pé láàárín 180 sí 350 ng/L, a ò lè sọ pé ó tó, a ò sì lè sọ pé kò tó. Àyẹ̀wò MMA ni a ó fi ya á. Bí MMA bá ga, a jẹ́ pé B12 kò dé inú sẹ́ẹ̀lì, ohun yòówù kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ sọ. Nọ́ńbà B12 kan ṣoṣo kò lè dá ẹ̀rí ìyẹn nù.

Ọ̀rọ̀ bálùwẹ̀ yẹn ló wá kàn mí jù lọ. Ẹni tó bá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ tó bá dijú, ojú rẹ̀ ló ti fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ọ̀nà iṣan tó wà lápá ẹ̀yìn ọ̀pá ẹ̀yìn, tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nǹkan méjì ló máa ń ba ibẹ̀ jẹ́ lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí: B12 tó kéré, àti kọ́pà tó kéré. Wọ́n jọra débi pé dókítà kò lè fi ojú lásán yà wọ́n. Kò sì sẹ́ni tó yẹ kọ́pà wò fún un, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé síǹkì 100 mg mì lóòjọ́!

Síǹkì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ara ìfun ṣe purotéènì kan tó máa ń di kọ́pà mú. Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá kú tó sì já bọ́, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tòun ti kọ́pà ni wọ́n jọ ń bá ìgbẹ́ lọ. Oògùn irun ló rà, òun ló sì ń fa kọ́pà jáde lára rẹ̀. Kó dá síǹkì náà dúró lónìí, kó má dúró de àyẹ̀wò.

Kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó má sọ pé "ó ń rẹ̀ mí" nìkan. Kó sọ pé "mò ń ṣubú tí mo bá dijú, mo sì ti ṣe báípáàsì." Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún MMA, kọ́pà, síǹkì, CRP tó máa ń ga tí ara bá ń bá àìsàn jà, PTH tó ń darí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, àti B1. Tí wọ́n bá ti fà á tán, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ B12, kí wọ́n má dúró de èsì. Fún ẹni tí iṣan ara rẹ̀ ti ń bàjẹ́, 1 mg ni, lọ́jọ́ kan sí ìkejì, títí ara á fi dẹ́kun àtisàn sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó wá máa fún un ní oṣù méjìméjì.

Ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ó ń bì? Ṣé nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀? Ṣé ó ń lo aibuporófẹ́ẹ̀nì?

---

Ṣadé_Sílíìfù

Èmi ṣe sílíìfù ní tèmi, irun mi re ní oṣù kẹrin, ó ti hù padà. Kẹ́hìndé, ẹ ní kó fọkàn balẹ̀. Tó bá fẹ́ kó kílò tó kù sílẹ̀, kó yéé jẹ búrẹ́dì. Àwa tá a ṣe sílíìfù ò nílò gbogbo fítámì wọ̀nyí ṣá, torí pé wọn ò fọwọ́ kan ìfun wa.

---

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ṣadé mi, kò bèèrè bó ṣe máa fọn sí i o. Irun tó ń re láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ti ara tó fọn kíákíá nìyẹn, ó máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Tó bá ń re lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ wá irin, purotéènì àti síǹkì lọ.

Ti sílíìfù: apá tí wọ́n gé sọnù nínú àpòlúkù yẹn wà lára ibi tí ásíìdì àti ohun tó ń gbé B12 wọra ti ń jáde. Ẹ̀yin náà nílò fítámì àti àyẹ̀wò lọ́dọọdún.

---

Ará_Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n fi ti láàbù kún un, torí èsì yẹn ní ibi mẹ́ta tó lè tan èèyàn.

Àkọ́kọ́ ni bayotíìnì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù ló ń fi bayotíìnì ṣe iṣẹ́ nínú àyẹ̀wò. Bí ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti gbé 10 mg mì láàárọ̀ (10,000 µg tí ẹ kọ yẹn náà ni), bayotíìnì inú ẹ̀jẹ̀ á dojú iṣẹ́ rú. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, B12, fítámì D àti fólíétì lè jáde ju bí wọ́n ṣe rí lọ, PTH àti fẹ́rítíìnì sì lè jáde kéré ju bí wọ́n ṣe rí. Ìyẹn ni pé 212 yẹn gan-an lè jẹ́ nọ́ńbà tí bayotíìnì tì sókè. Kó dá a dúró fún ọjọ́ 3 ó kéré tán kí wọ́n tó tún fa ẹ̀jẹ̀, kó sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní ìṣòro yìí.

Èkejì ni MCV 86, ìyẹn ìtóbi sẹ́ẹ̀lì pupa ní agbedeméjì. Ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan, àmọ́ ẹ wo RDW 18.4 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun ló ń sọ bí ìtóbi wọn ṣe yàtọ̀ síra tó. Irin tó kéré ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa kéré, B12 tó kéré ń mú kó tóbi. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ara ẹnì kan, agbedeméjì á bọ́ síbi tó dára, nígbà tó jẹ́ pé kékeré àti ńlá ló dàpọ̀. RDW ló ń tú àṣírí ìyẹn. Lára àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, álífà tálásímíà fẹ́ẹ́rẹ́ tún wọ́pọ̀, ó máa ń jẹ́ kí MCV kéré láti ìbí. Ẹni tó ní in lè ní B12 tó kéré gan-an kí MCV rẹ̀ má sì ga rárá. Ẹni tó bá ń dúró de sẹ́ẹ̀lì ńlá kó tó ronú kan B12 á dúró pẹ́.

Ẹ̀kẹta ni sẹ́ẹ̀lì funfun 1.2. Kọ́pà tó kéré máa ń fa èyí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni irú sẹ́ẹ̀lì funfun yìí kéré lára rẹ̀ láti ilẹ̀ wá, láìsí àìsàn kankan. Àbínibí ni, ó so mọ́ irú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Dọ́fì. Nítorí náà, ẹ wá èsì tó ṣe kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ jáde. Bó bá jẹ́ 1.3 ló wà nígbà náà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Bó bá jẹ́ 2 lé, ó ti wálẹ̀ nìyẹn.

Àfikún: ìgò tó yàtọ̀ ni a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ fún kọ́pà àti síǹkì, èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù tó dúdú. Ìgò lásán lè ní síǹkì lára rọ́bà rẹ̀. Kọ́pà tún máa ń ga sókè tí ara bá ń gbóná tàbí tí obìnrin bá ń lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí tó ní ẹstirojíìnì, ìdí nìyẹn tí CRP fi gbọ́dọ̀ bá a rìn. Kọ́pà tó wà láàyè rẹ̀ nígbà tí CRP ga kò fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀.

---

Kẹ́hìndé_Òré

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ó ti dá síǹkì àti bayotíìnì dúró. Dókítà máa rí i ní Ọjọ́bọ̀.

Ìdáhùn: ó máa ń bì tó bá jẹ ẹran, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń gba ọjọ́ méje, ó ní fáíbírọ́ìdì. Bẹ́ẹ̀ ni, aibuporófẹ́ẹ̀nì ló ń lò sí inú rírun oṣooṣù. Ó tún ń họ yìnyín jẹ lálẹ́, mo rò pé eré ni.

Oúnjẹ ọjọ́ kan rẹ̀ rèé, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: láàárọ̀, ife ògì kan pẹ̀lú mílíìkì ṣíbí méjì. Lọ́sàn-án, àmàlà kékeré, ewédú, pọ̀nmọ́ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹyin kan. Lálẹ́, ẹja títù tó tó ìka méjì. Ó tún ń po páúdà kọ́lájíìnì ṣíbí kan mọ́ omi, 10 gíráàmù purotéènì ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

---

Onímọ̀_Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ kàn mí báyìí. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀.

Ògì tòun ti mílíìkì ṣíbí méjì, bíi gíráàmù 4. Ẹyin kan, 6. Ẹja ìka méjì, 9 bó bá pọ̀ jù. Àmàlà àti ewédú, bíi 2. Àpapọ̀ rẹ̀ ò ju 21 lọ. Mi ò ka pọ̀nmọ́ àti kọ́lájíìnì rárá, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Awọ ni méjèèjì. Ásíìdì àmínò kan wà tí ara ò lè ṣe fúnra rẹ̀, tirípítófáànì, kò sí nínú kọ́lájíìnì rárá. Purotéènì tí ó bá ṣe aláìní rẹ̀ kò lè gbé iṣan àti irun ró, bí nọ́ńbà ara ike rẹ̀ bá ga tó mẹ́wàá. Kó jẹ pọ̀nmọ́ bó bá fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kó má ṣáà kà á mọ́ purotéènì.

Ohun tó yẹ kó jẹ́: gíráàmù 60 sí 80 lóòjọ́ ni àmúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn báípáàsì. Bí a bá fẹ́ ṣe é ní ìwọ̀n ara, ẹ má fi 74 ṣe é. Fún gíga mítà 1.65, ìwọ̀n tó yẹ jẹ́ nǹkan bíi kílò 68, gíráàmù 1 sí 1.5 fún kílò kan sì ni a ń lò. Ẹ jẹ́ ká dá 70 sílẹ̀ fún un. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan péré ló ń jẹ.

Bọ̀ọ̀dá Gbénró ní àlíbúmíìnì dára. Àlíbúmíìnì kì í ṣe òṣùwọ̀n oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ a máa bá a gbé e ró fún ìgbà pípẹ́, iṣan itan àti ti apá ni a ó sì máa fi san án. Ó sì lè wálẹ̀ lójijì nítorí kòkòrò àrùn tó wọ ara, láìkan oúnjẹ. Ohun tí mo máa ń wò ni àkọsílẹ̀ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, agbára ìdìmú ọwọ́, bóyá ó lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, àti bóyá ẹsẹ̀ ń wú. Ẹsẹ̀ wíwú ti pẹ́ jù kó tó jáde.

Àtúntò rẹ̀ kò le. Láàárọ̀, ẹyin 2 (12). Lọ́sàn-án, mọ́ínmọ́ín alábọ́dé kan (bíi 13) dípò àmàlà. Ní agogo mẹ́rin, ògì yẹn náà, ṣùgbọ́n kó po mílíìkì páúdà tí kò ní ọ̀rá mọ́ ọn, ṣíbí ọbẹ̀ 3 kíkún (8). Ní ìrọ̀lẹ́, ẹja 90 gíráàmù (20), tó tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìka ìka. Kó tó sùn, adìyẹ rírẹ̀ díẹ̀ nínú ọbẹ̀, 60 gíráàmù (16). Ìyẹn jẹ́ 69.

Ẹran tó ń mú un bì: kó fi ẹran sè nínú ọbẹ̀ títí á fi rọ̀, kó gé e sí ìwọ̀n èékánná, kó jẹ purotéènì ṣáájú ohun tó kù nínú àwo. Kó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kó dúró tó ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹran yíyan gbígbẹ, kó fi sílẹ̀ fún wa. Bó bá ṣì ń bì pẹ̀lú ìwọ̀nyí, kí àwọn dókítà wo ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun mọ́ àpòlúkù, bóyá ó ti há tàbí egbò wà níbẹ̀.

---

BàbáWálé

Egbò! Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ rẹ̀. Aibuporófẹ́ẹ̀nì lẹ́yìn báípáàsì kò dára rárá, ó máa ń dá egbò sí ojú ibi ìsopọ̀ yẹn, egbò yẹn á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Páńádó ni kó máa lò. Ọ̀nà méjì ló ti ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ti fáíbírọ́ìdì àti ti egbò bó bá wà. Oògùn irin kankan ò lè borí ìyẹn àfi tí wọ́n bá dí ihò náà. Yìnyín tó ń họ jẹ náà kì í ṣe eré. Irin tó kéré máa ń fà á.

Apòògùn ni mí, ibi tí ẹ̀yin tó kù ò dé ni àkókò lílo oògùn. Kálísíọ̀mù, tíì àti oògùn irin láàárọ̀ kan náà, kò sí èyí tó máa wọra dáadáa. Báyìí ni kó ṣe é: oògùn irin láàárọ̀ pẹ̀lú omi, kí tíì dúró wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Kálísíọ̀mù kó má pọ̀ ju 600 mg lọ lẹ́ẹ̀kan, torí ara kì í gba ju bẹ́ẹ̀. 500 ní ọ̀sán àti 500 ní alẹ́, oúnjẹ á mú ìyókù wá, kí àpapọ̀ lè tó 1,200 sí 1,500. Kí wákàtí 2 wà láàárín rẹ̀ àti irin. Kó jẹ́ kálísíọ̀mù sítíréètì. Kábónéètì ń fẹ́ ásíìdì kó tó yọ́, àpò kékeré tó kù fún un kò sì ní ásíìdì tó.

Ṣùgbọ́n n ò gbà pé kó dúró lórí oògùn irin onímu. Ibi tí irin ti máa ń wọra jù ni wọ́n ti fò kọjá nínú ìfun rẹ̀. Himoglobíìnì 98 àti fẹ́rítíìnì 9, dírípù irin ni kí wọ́n fún un lójú ẹsẹ̀.

---

Ará_Láàbù

Bàbá, mo gbọ́, àmọ́ kí wọ́n yẹ fọ́sféètì wò kí wọ́n tó yan irú dírípù. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá fẹ́ríìkì kabọ́sìmálitósì, máa ń jẹ́ kí fọ́sféètì jábọ́. Fítámì D 31 rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí a bá fi ìyẹn lé e, egungun á dùn ún, á sì tún rò pé àárẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ni.

---

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ní tèmi, kó gbìyànjú onímu fún ọ̀sẹ̀ 4, kí wọ́n tún ka ẹ̀jẹ̀. Bí himoglobíìnì bá gòkè ní nǹkan bíi 20, ó ń wọra nìyẹn, kó máa bá a lọ. Bí kò bá gòkè, dírípù. Àwọn kan ń lo hóró kan lóòjọ́, àwọn kan ọjọ́ kan sí ìkejì, ọjọ́ kan sí ìkejì kì í da ikùn rú púpọ̀. Èmi àti bàbá ò ní gbà lórí èyí lónìí.

Èébì ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó kó máa lo B1, 100 mg lóòjọ́. Bí èébì bá di ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 2 sí 3, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n sì fún un ní B1 kí wọ́n tó fi dírípù gúlúkóòsì sí i lára. Gúlúkóòsì máa ń lo ìwọ̀nba B1 tó kù tán, ọpọlọ ló sì máa ń jẹ ẹ́ níyà.

---

Kẹ́hìndé_Òré

Èsì ti ń wọlé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ B12. Láìsí bayotíìnì, B12 jáde ní 148, kì í ṣe 212 mọ́. MMA kò tíì dé. CRP kéré, ó wà lábẹ́ 5.

Kọ́pà: 5.1 µmol/L, láàbù náà ní 11 sí 25 ló dára. Síǹkì ga ju ààlà wọn lọ. PTH: 12.6, láàbù ní kó má kọjá 6.9. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ jẹ́ 2.4. Dókítà ní kálísíọ̀mù 2.22 dára, nítorí náà òun ò mọ ohun tó ń gbé PTH sókè.

---

Gbénró

Háà. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n bí kálísíọ̀mù bá dára, báwo ni egungun ṣe tún kàn?

---

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Egungun ni báǹkì tí ara ti ń yá kálísíọ̀mù. Fítámì D kéré, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ò wọra, PTH ga sókè láti máa gbà á láti inú egungun kí ti inú ẹ̀jẹ̀ má bàa jábọ́. Ìdí tí 2.22 fi dára nìyẹn. Ẹni tó bá ń wo kálísíọ̀mù nìkan ò ní mọ̀ títí egungun á fi ṣẹ́. Fítámì D 50,000 IU lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 ni ọ̀pọ̀ dókítà níbí máa kọ, lẹ́yìn náà 2,000 sí 4,000 lóòjọ́. Kí wọ́n tún wo PTH lẹ́yìn oṣù 3. Kó sì béèrè àwòrán egungun DXA, torí ọdún 4 ti ń lọ láìsí ẹni tó bojú wò ó.

Ti kọ́pà: 5.1 pẹ̀lú CRP tó kéré kì í ṣe àwàdà, sẹ́ẹ̀lì funfun náà ti wálẹ̀ láti 2.4 sí 1.2, nítorí náà ti Dọ́fì nìkan kọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré nítorí kọ́pà lè lo 3 sí 8 mg lóòjọ́ lẹ́nu. Èyí tó bá le ni wọ́n ń fi dírípù fún, 2 sí 4 mg lóòjọ́ fún ọjọ́ 6. Nítorí pé ẹsẹ̀ ti kàn án, mo fẹ́ kí dókítà iṣan ara àti àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ yìí dá èyí fún un, kó má ra kọ́pà fúnra rẹ̀ nínú ọjà. Ẹ má retí pé ẹsẹ̀ á bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Sẹ́ẹ̀lì funfun lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ lè gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn kì í sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

---

Ṣadé_Sílíìfù

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti bà mí lẹ́rù. Síǹkì 15 mg ló wà nínú fítámì tèmi, ṣé mo lè máa lò ó?

---

BàbáWálé

Ẹ yí ike rẹ̀ padà, ẹ wo ẹ̀yìn. Síǹkì 15 pẹ̀lú kọ́pà 2 mg dára. A kì í fẹ́ kí síǹkì ju 8 sí 15 mg lọ fún kọ́pà 1 mg. Tí ẹ bá rí síǹkì tí kò sí kọ́pà níbẹ̀, ẹ má rà á.

Kẹ́hìndé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú jẹlí ti àbúrò yín. Èyí tí mo ti rí nínú irú wọn kì í ní irin, kọ́pà tàbí B1 nínú, tórí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Fítámì oníhóró tó ní gbogbo wọn nínú ni kó lò.

---

Ará_Láàbù

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún wo kọ́pà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá fún un ní dírípù rẹ̀ o, nọ́ńbà tó ga lọ́jọ́ yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni, ní òwúrọ̀, nínú ìgò aláwọ̀ búlúù yẹn, kí CRP bá a rìn.